Kápúṣọ̀n oṣù kan fún olóúnjẹ kékeré: báwo lẹ ṣe ń tò ó?

Ọlọ́fadà Aṣerò
Ẹ kú ojúmọ́ o. Ọ̀fadà àti ayámase la ń tà, inú ewé mọ́ínmọ́ín la sì ń dì í sí. Wẹ́sìdeè, Fúráídeè àti Sátidé là ń sè. Mo fẹ́ jókòó lẹ́ẹ̀kan kí n kọ gbogbo kápúṣọ̀n tí n ó máa fi sábẹ́ àwòrán oúnjẹ wa ní oṣù tó ń bọ̀, kí n yé máa wá ọ̀rọ̀ kiri nígbà tí ata bá wà lórí iná. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń lo kàlẹ́ńdà, ibo lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀?

Aṣètò Ìbarà
Ìkòkò ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má ti orí fóònù bẹ̀rẹ̀. Ẹ ya oṣù náà sórí Google Sheets tàbí sínú ìwé, kí ẹ sàmì sí ọjọ́ tí ẹ ó sè. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ aago tí ẹ ó ti ọ́dà sí iwájú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí gan-an ni òpó kàlẹ́ńdà olóúnjẹ, òun ló sì ń sọ ọjọ́ tí kápúṣọ̀n máa jáde.

Ẹ jẹ́ ká mú Sátidé yín. Ìrẹsì ọ̀fadà ní òkúta, ó fẹ́ ṣíṣà. Ata aláwọ̀ ewé fẹ́ lílọ̀, kí ẹ sì fún omi rẹ̀ dànù. Irú àti ẹran náà sì wà ńlẹ̀. Bí ọ́dà bá ṣì ń wọlé lálẹ́ Fúráídeè, ọjà Kútọ̀ ti túká, ẹ ò lè fi kún ohun tí ẹ rà mọ́. Nítorí náà, kí ọ́dà Sátidé tì ní Fúráídeè, aago 4 ìrọ̀lẹ́. Kápúṣọ̀n rẹ̀ á wá jáde ní Tọ́sìdeè, aago 7 alẹ́, nígbà tí àwọn èèyàn ti dé láti ibi iṣẹ́, tí wọ́n ń rò ohun tí wọn ó jẹ lópin ọ̀sẹ̀. Ìrántí kúkurú, ìlà kan péré, á tẹ̀ lé e ní ọ̀sán Fúráídeè.

Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kápúṣọ̀n ìpè ọ́dà 12 ni ẹ ó ní fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ fi ẹyọ kan tí kì í ta ọjà kún un lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan: bí a ṣe ń gbé ọ̀fadà àná gbóná láìjẹ́ kó gan, bí wọ́n ṣe ń yọ òkúta rẹ̀, ìdí tí ayámase kì í fi í pupa. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 16. Ó tó.

Alámàlà Láfẹ́nwá
16 ti kéré jù, ẹ̀gbọ́n. Ojoojúmọ́ ló yẹ kí olóúnjẹ gbé nǹkan jáde, kí wọ́n má baà gbàgbé yín. Ẹ kọ 30, ẹ kó gbogbo wọn sínú Meta Business Suite lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí ó máa gbé wọn jáde fúnra rẹ̀. Ẹ kọ iye owó gàdàgbà sára àwòrán, kí ẹnikẹ́ni má tún béèrè "èló ni" mọ́.

Aṣètò Ìbarà
Ojoojúmọ́ bá iṣẹ́ tìyín mu, torí ojoojúmọ́ lẹ ń rokà. Àmàlà láfún ò ṣeé gba ọ́dà rẹ̀ sílẹ̀ di ọ̀túnla. Tó bá ti tutù, ó ti bàjẹ́ lẹ́nu Ẹ̀gbá. Kápúṣọ̀n tiyín ní láti jáde ní nǹkan bí aago 10 ààbọ̀ àárọ̀, fún ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an. Ẹni tó ń sè lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tó wá ń pariwo lójoojúmọ́, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn èèyàn á máa béèrè oúnjẹ ní Túsìdeè nígbà tí kò sí, á wá máa fi gbogbo ọ̀sán dáhùn "kò sí lónìí o".

Ti pé kí a kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ kíkọ yàtọ̀ sí títò sínú ẹ̀rọ. Ohun tí ẹ bá ti tò sínú Meta Business Suite, iye tó wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà ló máa gbé jáde. Bí epo pupa bá gbówó lórí láàárín oṣù, tí ẹ sì gbàgbé kápúṣọ̀n ọ̀sẹ̀ kẹta síbẹ̀, oníbàárà á ya àwòrán iye àtijọ́, á fi han yín, òun lá sì jàre. Ẹ kọ ti oṣù kan, kí ẹ máa tò ti ọ̀sẹ̀ kan péré. Alẹ́ Sọ́ńdè dára fún èyí.

Ara àwòrán ni ibi tó burú jù tí a lè kọ iye sí. Ẹ lè ṣàtúnṣe kápúṣọ̀n lórí Instagram lẹ́yìn tó ti jáde. Ẹ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ohun tó wà lára fọ́tò.

Ọlọ́fadà Aṣerò
Ṣé kí n wá fi àyè iye sílẹ̀ lófìfo nínú gbogbo wọn ni?

Aṣètò Ìbarà
Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ inú ìwé. Tó bá jẹ́ Google Sheets, ẹ ṣí ojú ewé kejì, kí ẹ pè é ní Iye, kí ẹ kọ iye ewé ọ̀fadà kan sínú B2 níbẹ̀. Ní ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ kọ aago ìtìlẹ̀kùn sí E5, kí ẹ wá fi èyí sí ibi tí kápúṣọ̀n wà:

```
="Ọ̀fadà pẹ̀lú ayámase, ewé kan ₦"&TEXT(Iye!$B$2,"#,##0")&". Ọ́dà ń tì ní "&E5&"."
```

Bí B2 bá jẹ́ 3500, ₦3,500 ló máa hàn. Ọjọ́ tí ẹ bá yí i padà, gbogbo kápúṣọ̀n tó kù nínú oṣù náà á yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Ohun méjì ló máa ń da èèyàn láàmú níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹ kọ aago sí E5 bí ọ̀rọ̀, "Fúráídeè, aago 4 ìrọ̀lẹ́". Tí ẹ bá kọ ọ́ bíi 16:00, Sheets á kà á sí ìdá ọjọ́, ẹ ó wá rí nọ́ńbà gígùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0.666 láàárín kápúṣọ̀n yín. Èkejì, bí ọ̀rọ̀ inú àpótí kan bá ní ìlà méjì tàbí mẹ́ta, tí ẹ dà á kọ lórí kọ̀ǹpútà, àmì " máa ń tẹ̀ lé e lọ níwájú àti lẹ́yìn. Ẹ pa á rẹ́ kí ẹ tó gbé e jáde. Kápúṣọ̀n tó bá ní àmì yẹn, ojú ẹsẹ̀ lèèyàn á mọ̀ pé ńṣe ni wọ́n dà á kọ.

Ìyá Oníṣínkáàfù Adìgbẹ
Ẹ má náwó sórí kàlẹ́ńdà o, ẹ̀yin ọmọ mi. Títẹ̀ rẹ̀ ti wọ́n, àwọn èèyàn kì í sì gbé e kọ́ mọ́. Àpò ọlọ́wọ́ tó ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù lára sàn jù lọ lópin ọdún.

Ọlọ́fadà Aṣerò
Ẹ ṣé, màmá. Kì í ṣe kàlẹ́ńdà ara ògiri o, ètò ohun tí a ó máa kọ sábẹ́ àwòrán oúnjẹ lórí fóònù là ń sọ.

Ìyá Oníṣínkáàfù Adìgbẹ
Háà, ó ti yé mi. Àwọn oníbàárà tèmi ò sí lórí Instagram yẹn rárá. Sítátọ́ọ̀sì WhatsApp ni wọ́n ń wò. Ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn yìí náà ni kí n kọ síbẹ̀?

Aṣètò Ìbarà
Rárá, màmá. Ẹni tó ń wo sítátọ́ọ̀sì ń fi ìka tì í kọjá ni. Ìlà méjì: oúnjẹ àti iye rẹ̀, kó tó kan aago ìtìlẹ̀kùn. Ó máa parẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24, nítorí náà ẹ má gbé e síta ju ọjọ́ kan lọ ṣáájú ìtìlẹ̀kùn ọ́dà. Ẹni tí kò bá tọ́jú nọ́ńbà yín sórí fóònù rẹ̀ kò ní rí i. Torí ìyẹn, ẹ fi kápúṣọ̀n kan sílẹ̀ lóṣù fún "ẹ tọ́jú nọ́ńbà wa", kí ẹ sì kọ ọ́ sórí bébà kékeré tí ẹ fi ń ránṣẹ́ pẹ̀lú oúnjẹ.

Ti Instagram náà, ìlà àkọ́kọ́ ló níṣẹ́ jù. Ó gba tó lẹ́tà 2,200, àmọ́ bíi 125 àkọ́kọ́ ló máa ń hàn kí èèyàn tó tẹ "more". Ẹ wo èyí tí mo máa ń rí káàkiri: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta ẹ̀yin ènìyàn wa àtàtà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó tún mú wa rí ọ̀sẹ̀ tuntun, a sì gbàdúrà pé..." Ibẹ̀ ló gé sí. Kò tíì sọ oúnjẹ. Ẹ fi wé èyí: "Ọ̀fadà Sátidé: ọ́dà ń tì lọ́la, aago 4 ìrọ̀lẹ́. Aṣerò, Ìbarà, Pánṣẹ́kẹ́, a ó gbé e wá bá yín." Àdúrà lè wà nísàlẹ̀. Ẹ fi =LEN() wọn ìlà náà. Ẹ rántí pé lẹ́tà bíi ọ̀ tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ lè jẹ́ méjì lójú kọ̀ǹpútà, nítorí náà ẹ dúró sí 100.

Olóúnjẹ Ẹnu-Géètì FUNAAB
Ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ owó oṣù. Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù la ń kọ kápúṣọ̀n abọ́ ńlá, ti àárín oṣù sì jẹ́ abọ́ kékeré. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Aṣètò Ìbarà
Bẹ́ẹ̀ ni fún ẹni tó ń tà fún òṣìṣẹ́ ìjọba ní Òkè-Mọ́sàn. Ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹta ni kí ẹ fi ìdajì ewé síwájú, kí ẹ sì fi ọ́dà ìdílé, èyí tó jẹ́ ewé 5 tàbí 6 pọ̀, dúró de ìparí oṣù.

Olóúnjẹ Ẹnu-Géètì FUNAAB
Ti akẹ́kọ̀ọ́ ò rí bẹ́ẹ̀ o. Wọn ò ní ọjọ́ owó kan pàtó. Kàlẹ́ńdà ìdánwò ni mo máa ń wò. Lásìkò ìdánwò, kápúṣọ̀n alẹ́ ló ń ṣiṣẹ́, torí wọn kì í fẹ́ jáde. Lásìkò ìsinmi, kò sí ohun tí èèyàn kọ tó máa tà.

Alámàlà Láfẹ́nwá
Ó yé mi báyìí lórí iye owó, n ó yọ ọ́ kúrò lára àwòrán. Àmọ́ n kò gbà pé kápúṣọ̀n tí kì í ta ọjà wúlò. Àyè ni ó ń gbà.

Ọlọ́fadà Aṣerò
Èmi fẹ́ràn wọn. Oníbàárà tó bá mọ bí a ṣe ń gbé ọ̀fadà gbóná ò ní sọ pé tiwa gan. Kí n ṣe ti ọdún Iléyá ńkọ́? Ó bọ́ sínú oṣù tí mo fẹ́ tò.

Aṣètò Ìbarà
Ẹ kọ ọ́, àmọ́ ẹ má fi ọjọ́ sí i. Oṣù lójú ọ̀run ló ń pinnu rẹ̀, ìjọba sì máa ń kéde ìsinmi nígbà tó bá kù díẹ̀. Ẹ kùn ún ní àwọ̀ ìyeyè nínú Sheets, kí ẹ mọ̀ pé kò tíì ṣeé tò sínú ẹ̀rọ. Kí ẹ sì pinnu ṣáájú bóyá ẹ ó sè lọ́sẹ̀ náà rárá, torí ẹran á ti kún ilé àwọn oníbàárà. Mo mọ àwọn kan tó ń ta ìrẹsì lásán, láìsí ẹran, lọ́sẹ̀ yẹn. Àwọn mìíràn máa ń tì í pa.

Ọlọ́fadà Aṣerò
Ìrẹsì lásán pẹ̀lú ayámase inú ike ni n ó kọ. Ọ́dà rẹ̀ á tì ní ọjọ́ méjì ṣáájú, dípò ọ̀kan, torí ojú ọ̀nà Láfẹ́nwá máa ń dí fún àwọn alágbò, àwọn ráídà kì í sì tètè dé.