Ṣé ó yẹ kí ìmpídáǹsì máìkì ríbọ́ọ̀nù àti ti príáńpù dọ́gba?

Adéṣọlá: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Máìkì ríbọ́ọ̀nù ni mo fi ń gba ohùn ìyá ìlù dùndún sílẹ̀, 300 óòmù sì ni ìmpídáǹsì tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀. Príáńpù mi ní bọ́tìnì tí a fi ń yan 300, 600, 1200 tàbí 2400. Mo yan 300 kí àwọn méjèèjì lè dọ́gba, ṣùgbọ́n ohùn ìlù náà fúyẹ́, ìró ìsàlẹ̀ tó máa ń jáde nígbà tí onílù bá dẹ ọṣán kò sì dún dáadáa mọ́. Ṣé máìkì ló ti bàjẹ́ ni?

Bánjọ: Máìkì yín kò bàjẹ́. Bí ẹ bá so 300 mọ́ 300, ìdajì fóltéèjì ló máa ń ṣòfò, ìyẹn dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6. Ẹ ṣáà fi géènì kún un.

Àlàbí: Òótọ́ ni Bánjọ sọ nípa ìdajì yẹn, àmọ́ géènì nìkan kò lè tún un ṣe. Ìmpídáǹsì ríbọ́ọ̀nù kì í dúró sójú kan: ó máa ń ga ní ìsàlẹ̀, níbi tí ríbọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ ti máa ń gbọ̀n jù. Ká ní ó di 900 níbẹ̀. Lórí 300, ìdá kan ṣoṣo nínú mẹ́rin fóltéèjì ìró ìsàlẹ̀ ló ń dé príáńpù, nígbà tí ìdajì ti ìró àárín ń dé ibẹ̀, nítorí náà ìsàlẹ̀ fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6 rẹlẹ̀. Bí ẹ bá yan 2400, ìyàtọ̀ náà kò tó 2. Ìlà tẹlifóònù àtijọ́, tó ń lo 600 óòmù, ni wọ́n ti ń wá kí méjèèjì dọ́gba, torí pé agbára iná ni wọ́n fẹ́ gbà. Fóltéèjì ni príáńpù ń fẹ́ ní tirẹ̀. Ìlọ́po márùn-ún ìmpídáǹsì máìkì, ó kéré tán, ni kí ẹ lò.

Fúnkẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, mo so máìkì kọ̀ńdẹ́ńsà ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ́ príáńpù tó ní bọ́tìnì irú èyí, mo yí bọ́tìnì náà, n kò sì gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Ṣé bọ́tìnì wa ló ti kú?

Àlàbí: Ó ṣeé ṣe kí bọ́tìnì yín má ní àbùkù rárá, arábìnrin. Kọ̀ńdẹ́ńsà ní áńpù kékeré nínú tó ń gbé ohùn jáde, ìmpídáǹsì rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ẹ fi máìkì dáínámíìkì dán bọ́tìnì náà wò, kí ẹ sì mú kí ìwọ̀n ohùn dọ́gba kí ẹ tó fi wọ́n wéra, torí pé ohùn tó bá ròkè jù lọ ni etí máa ń rò pé ó dára.

Adéṣọlá: Mo ti yan 2400, ìró ìsàlẹ̀ sì ti padà. Nígbà tí mo bá sún máìkì mọ́ awọ, ìsàlẹ̀ yẹn tún wá pọ̀ jù. Ṣé kí n wá sọ̀ kalẹ̀ sí 600?

Àlàbí: Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀, yóò dín in kù, ṣùgbọ́n ẹ ó pàdánù bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 2 àti àbọ̀ sí ti 2400, bí ẹ bá sì fi géènì san án padà, ariwo príáńpù yóò gbéra pẹ̀lú rẹ̀.

Bánjọ: Èmi kò ní fọwọ́ kan bọ́tìnì náà. Ẹ fa máìkì sẹ́yìn díẹ̀ kúrò lára awọ, ìsàlẹ̀ tó pọ̀ jù yẹn yóò dínkù.

Àlàbí: Bí yàrá yín bá ń dún gbọ̀ngbọ̀n, fífà á sẹ́yìn yóò mú yàrá wọlé. Ẹ gba méjèèjì sílẹ̀, kí onílù fúnra rẹ̀ sọ èyí tó jọ ìlù rẹ̀.