Gèlè ìyá ìyàwó ń yí àwọ̀ láàárín fídíò: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

OlùyàwòránÌbàdàn:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ya fídíò ìgbéyàwó ìbílẹ̀ kan. Gèlè ìyá ìyàwó jẹ́ olómi ọsàn, wọ́n wá ní kí n sọ ọ́ di wáìnì kó lè bá ti àwọn àbúrò rẹ̀ mu. Resolve ọ̀fẹ́ ni mo fi ṣe é. Fíréèmù àkọ́kọ́ dára gan-an, àmọ́ bí fídíò ṣe ń lọ, gèlè ń di píǹkì lábẹ́ kánópì, ó ń di búráùn nínú gbọ̀ngàn, etí rẹ̀ sì ń ṣẹ́jú. Kí ni kí n lò, kó lè dúró lójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin?

DèjìFídíò:
Bùrọ̀dá, èyí ò le. Ẹ lọ sórí fíréèmù tó dára yẹn, ẹ ṣe Grab Still. Ẹ wá yan gbogbo kílíìpù tó kù, ẹ tẹ still náà lọ́tùn-ún, ẹ yan Apply Grade. Gbogbo wọn á gba ètò kan náà, gèlè á sì jẹ́ àwọ̀ kan náà. Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyẹn.

ÌyáAlásọÒkè:
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó hun aṣọ yẹn ni kí ẹ bá wí. Òwú tí a rà lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kì í sábà bára mu, kódà kí ọlọ́jà ní àwọ̀ kan náà ni. Tí aṣọ ẹbí bá pọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n ra òwú gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo sì fẹ́ bi yín: ṣé òwú tó ń dán wà nínú aṣọ òkè náà? Irú ìyẹn máa ń dà bí aṣọ méjì lójú oòrùn àti nínú ilé.

OlùyàwòránÌbàdàn:
Ẹ ṣeun mà. Wọ́n ti hun aṣọ náà, wọ́n ti wé gèlè, inú kọ̀ǹpútà ni mo ti ń yí àwọ̀ rẹ̀. Àmọ́ òótọ́ lẹ sọ o, òwú tó ń dán wà nínú ẹ̀, ó tó ìlà méjì-mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ kan.

Dèjì, mo ti ṣe Apply Grade. Ohun tó bí píǹkì yẹn gan-an nìyẹn.

ṢadéAláwọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ àwọ̀ fídíò ni mo ń ṣe, irú èyí sì máa ń wá bá mi dáadáa lásìkò ìgbéyàwó.

Dèjì, ìdajì ọ̀rọ̀ lo sọ. Apply Grade gbé ètò lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ètò yẹn ò mọ ohun tó ń jẹ́ gèlè. Ohun tí Qualifier mọ̀ ò ju pé kó mú gbogbo àwọ̀ tó wà láti ibí dé ibí. Tí aṣọ kánópì bá da àwọ̀ tirẹ̀ sórí ìyá, tàbí tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ yí White Balance nítorí pé ó wà lórí Auto, gèlè ti kúrò níbi tí a ní kí Qualifier wá a sí. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe orí gèlè rárá. Ẹ kọ́kọ́ mú kí gbogbo kílíìpù jọra, kí ẹ tó fọwọ́ kan aṣọ ẹnikẹ́ni.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é rèé. Nóòdù kìíní, ìmọ́lẹ̀ àti White Balance nìkan. Nóòdù kejì, gèlè. Nóòdù tó kẹ́yìn, ẹwà tí ẹ fẹ́ fi sórí gbogbo fídíò. Ẹ má ṣe gbé ẹwà yẹn síwájú gèlè, torí Qualifier máa ń wo ohun tí nóòdù tó ṣáájú rẹ̀ fún un. Tí ẹ bá wá tún ẹwà náà ṣe lọ́la, ibi tó ń mú á yí padà pẹ̀lú.

Nínú nóòdù kìíní, ẹ wá nǹkan funfun kan tó wà nínú ọ̀pọ̀ kílíìpù. Nínú ìgbéyàwó wa, agbádá funfun tàbí aṣọ tábìlì kì í wọ́n. Ẹ ṣí Parade, kí ẹ wo ibi tí funfun yẹn bọ́ sí: pupa, ewé àti búlúù gbọ́dọ̀ ga dọ́gba níbẹ̀. Lábẹ́ kánópì tiyín, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé búlúù ló ga jù. Ẹ fà á wálẹ̀ títí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fi bára wọn dọ́gba. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún kílíìpù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa fi still tó dára yẹn wé e. Iṣẹ́ tó ń gba sùúrù ni, àmọ́ òun ló máa ń yanjú púpọ̀ jù nínú wàhálà yìí.

Kí ló sọ wáìnì di píǹkì? Wáìnì kì í ṣe pupa lásán, pupa tó ṣókùnkùn ni. Olómi ọsàn mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá yí Hue nìkan, ìmọ́lẹ̀ olómi ọsàn á ṣì wà níbẹ̀, pupa tó mọ́lẹ̀ tóyẹn á sì fara jọ píǹkì. Nínú nóòdù kan náà, ẹ fa Gamma sílẹ̀, kí ẹ wá fi Saturation díẹ̀ kún un. Ẹ fi ojú wo gèlè àwọn àbúrò rẹ̀ tó wà nínú fídíò náà, ìyẹn ni òṣùwọ̀n yín.

DèjìFídíò:
Àǹtí, mo gbọ́. Ṣé kò ní yá ju bẹ́ẹ̀ lọ téèyàn bá lo Hue Vs Hue fún gbogbo fíréèmù, láì lo Qualifier?

ṢadéAláwọ̀:
Tí gèlè bá jẹ́ ewé tàbí búlúù, ó ṣeé ṣe. Olómi ọsàn ni kò ṣeé ṣe fún, àbúrò mi. Aládùúgbò awọ ara ni. Ẹ ṣí Vectorscope, kí ẹ wo ojú èèyàn dúdú àti ojú èèyàn pupa: ìlà kan náà ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tò sí, láàárín pupa àti ìyeyè. Ìmọ́lẹ̀ ló pín wọn níyà. Bí o bá fa olómi ọsàn lọ sí wáìnì fún gbogbo fíréèmù, iwájú orí màmá á bá a lọ, ọwọ́ rẹ̀ náà á bá a lọ. Mo ti rí fídíò tí ojú ìyá ìyàwó pupa bí ẹni tí oòrùn pa, ohun tó fà á nìyẹn.

Ìdí nìyí tí Qualifier nìkan ò fi tó fún gèlè yìí. Ẹ yí ojú fèrèsé ká a. Ẹ lo Power Window olóbìírí, kó tóbi díẹ̀ ju gèlè lọ, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúró lókè irun ojú, kí etí rẹ̀ sì rọ̀. Ohun tó bá wà nínú fèrèsé tó sì tún jẹ́ olómi ọsàn ni nóòdù á mú. Ẹ wá lọ sí fíréèmù tí gèlè hàn jù, ní àárín kílíìpù, kì í ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí Tracker tọ̀ ọ́ síwájú kó sì tún tọ̀ ọ́ sẹ́yìn.

Ibi tí á ti kọsẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń náwó. Ọwọ́ ẹni tó ń lẹ owó mọ́ màmá níwájú orí á kọjá lórí gèlè, Tracker á bá ọwọ́ náà lọ. Ẹ dúró níbẹ̀, ẹ gbé Tracker láti Clip sí Frame, ẹ fọwọ́ gbé fèrèsé padà sórí gèlè kí ọwọ́ tó wọlé àti lẹ́yìn tó bá jáde. Ọwọ́ fúnra rẹ̀ lè gba àwọ̀ díẹ̀. Tí kò bá ju fíréèmù mẹ́wàá lọ, kò sẹ́ni tó máa rí i.

Ní ti etí tó ń ṣẹ́jú: ẹ tẹ Shift+H, kí ẹ yan Highlight B/W lókè àwòrán, kí ẹ wo ohun tí Qualifier mú ní funfun àti dúdú, kí ẹ sì jẹ́ kí fídíò máa lọ. Bí funfun yẹn bá ń hó bí ọbẹ̀ lórí iná, àwọ̀ náà á máa hó. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí òwú tó ń dán tí màmá alásọ òkè sọ: ihò dúdú tó ń là tó ń pa ní gbogbo ìgbà tí màmá bá mi orí. Clean White díẹ̀ á dí ihò náà, Clean Black á nu ìdọ̀tí ẹ̀yìn, Blur Radius díẹ̀ á mú kí etí rọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa fi kún un. Tó bá pọ̀ jù, wáìnì á ta sórí ògiri.

Fọ́tòAbẹ́òkúta:
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, fọ́tò ni tèmi, kì í ṣe fídíò. Lọ́dún tó kọjá mo tò fọ́tò ogójì sínú álíbọ́ọ̀mù kan. Ìró àti bùbá ìyàwó ń jẹ́ búlúù lójú ewé kan, ó ń jẹ́ àlùkò ní ewé tó tẹ̀ lé e. Mo ti tẹ Auto nínú Lightroom fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan, mi ò mọ̀ pé ìpinnu ọ̀tọ̀ ló ń ṣe fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, mo tún ọ̀kan ṣoṣo ṣe pẹ̀lú ọwọ́, mo fi Sync gbé White Balance rẹ̀ lọ sórí gbogbo èyí tí mo yà níbì kan náà, mo wá lo Match Total Exposures fún ìmọ́lẹ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń gbé káàdì eérú lé ìyàwó lọ́wọ́ fún fọ́tò kan ní gbogbo ibi tuntun tí a bá dé. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré ni.

OlùyàwòránÌbàdàn:
Àǹtí Ṣadé, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo ti ṣe ti kánópì. Búlúù ló ga lóòótọ́ lórí agbádá bàbá ọkọ. Lẹ́yìn tí mo fà á wálẹ̀, Qualifier kan náà mú gèlè ní kílíìpù mẹ́fà nínú méje. Èkeje ni ibi tí màmá ti rìn láti inú oòrùn wọ abẹ́ kánópì, kámẹ́rà sì yí àwọ̀ bó ṣe ń rìn.

Gbọ̀ngàn ló kù. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ń ṣẹ́jú lára gbogbo nǹkan, kì í ṣe gèlè nìkan. Etí gèlè sì rí bí àkàbà tí mo bá sún mọ́ ọn.

ṢadéAláwọ̀:
Fún èkeje: ẹ fi kífíréèmù sí nóòdù kìíní níbi tí àwọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí, kí ẹ fi òmíràn síbi tó ti dúró, kí ẹ tún funfun ṣe ní ibi méjèèjì. Resolve á so wọ́n pọ̀. Ẹ má fi kífíréèmù sínú nóòdù gèlè, ẹ ò ní mọ èyí tó ń ṣe kí ni mọ́.

Àkàbà yẹn, ọ̀nà tí kámẹ́rà gbà tọ́jú àwọ̀ ló fà á. Ọ̀pọ̀ fóònù àti kámẹ́rà kéékèèké máa ń pa ìmọ́lẹ̀ mọ́ fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan inú àwòrán, ṣùgbọ́n àwọ̀ kan ni wọ́n ń fún ẹyọ mẹ́rin pọ̀. Ohun tí kò sí nínú fáìlì, a ò lè dá a. Ẹ fi Blur Radius rọ̀ ọ́, kí ẹ má sún mọ́ ọn jù.

Ìṣẹ́jú iná, àfi kí n bi yín: ní ṣọ́tà mélòó lẹ yà á, ṣé iná NEPA ni àbí jẹnẹrétọ̀?

OlùyàwòránÌbàdàn:
1/60 ni. Jẹnẹrétọ̀ sì ni látìgbà tí wọ́n ti gé kéèkì.

ṢadéAláwọ̀:
Iná wa jẹ́ 50 Hz, 1/50 tàbí 1/100 ló bá a mu. Jẹnẹrétọ̀ sì lè yẹ̀ díẹ̀ kúrò lórí 50 nígbà tí ẹrù bá wúwo lórí rẹ̀, nítorí náà kódà 1/50 lè máà gbà yín pátápátá. Ohun èlò tó ń mú ìṣẹ́jú kúrò nínú Resolve, ti Studio ni, kò sí nínú ọ̀fẹ́.

DèjìFídíò:
Àǹtí, tó bá dín eré fídíò náà kù díẹ̀ kó lè da fíréèmù méjì pọ̀ ńkọ́? Mo ti rí i níbì kan pé ó ń dín ìṣẹ́jú kù.

ṢadéAláwọ̀:
Ó lè dín in kù, Dèjì. Ṣùgbọ́n ìlù ń lọ lábẹ́ fídíò yẹn, tí màmá bá sì ń jó, ojú á rí i pé ẹsẹ̀ ò bá ìlù mu mọ́. Bùrọ̀dá, ẹ dán an wò lórí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá níbi tó ti jókòó, kí ẹ padà wá sọ bó ṣe rí.

OlùyàwòránÌbàdàn:
Ó jókòó nígbà tí wọ́n ń gé kéèkì. Màá dán an wò níbẹ̀ lálẹ́ òní tí iná bá wà.