Ọ̀kadà kì í gba ṣáájì mọ́ tó bá gbóná: ṣé rẹ́kítífáyà ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì. Ọ̀kadà tí wọ́n fi ń gbé ẹrù ní Yábàá ni. Tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, fólítì orí bátìrì máa ń tó 14.2 bó bá ń sáré. Tó bá gbóná, á já sí 12.3. Nínú gbígbóná yẹn ni mo yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́ìlì, tí mo gbé mítà sí AC: wáyà yẹ́lò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń mú bíi 58 wá ní méjì-méjì, kò sì sí èyí tó kan bọ́dì. Lójú tèmi, kọ́ìlì yè. Àmọ́ díódì rẹ́kítífáyà dára nígbà tó tutù, sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì ti ń dúdú. Ẹ jọ̀ọ́, tí mítà bá ju 0.5 lọ láàárín wáyà pupa rẹ̀ àti orí bátìrì, ṣé sọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan ni kí n pààrọ̀?