Ọdún kẹwàá èmi àti Àbẹ̀kẹ́

Bàbá Mofẹ́, Abẹ́òkúta

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Lónìí, 5 oṣù Kejìlá, ló pé ọdún mẹ́wàá gééré tí èmi àti ìyàwó mi ṣe ìgbéyàwó. Ohun tí mo kọ sábẹ́ àwòrán wa láàárọ̀ yìí rèé. Tí ẹ bá kà á tán, mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà sọ ti yín: kí lẹ kọ nígbà tí tiyín pé mẹ́wàá, kí ló sì wà lẹ́yìn ohun tí ẹ kọ?

"Àbẹ̀kẹ́ mi, Ìyá Mofẹ́, lọ́jọ́ tí wọ́n fà ọ́ lé mi lọ́wọ́ ní 2015, aró ti wọ inú ẹ̀kánná rẹ. O fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ títí, kò lọ, o wá ń fi ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ ìborùn nígbàkigbà tí wọ́n bá fẹ́ ya àwòrán. Lónìí, aró wà nínú ẹ̀kánná tèmi náà. Ìwọ lo kọ́ mi. O ṣeun, ìyàwó mi. Ọdún mẹ́wàá péré la tíì lò, mi ò tíì rí ọ tó."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí aró ṣe dé ẹ̀kánná mi. Àdìrẹ ni ìyàwó mi ń ṣe, iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ dàgbà. Olùkọ́ lèmi. Ní 2017, ilé-ìwé aládàáni tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kò san kọ́bọ̀ fún wa fún oṣù márùn-ún. Mofẹ́ ò tíì pé oṣù mẹ́ta nígbà yẹn. Pálọ̀ ni mo máa ń jókòó sí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Tí ìyàwó mi bá gbé oúnjẹ síwájú mi, mi ò lè gbójú sókè wò ó, torí mo mọ ibi tí owó ọbẹ̀ náà ti wá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó pọn ọmọ, ó ju ìbọ̀wọ́ rọ́bà kan sórí itan mi, ó ní, "Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ."

Aṣọ mẹ́rin ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, yáàdì márùn-ún-márùn-ún, ti oníbàárà kan tó fẹ́ fi ṣe ìkómọ. Ó ti fi àbẹ́là tẹ iṣẹ́ sí gbogbo wọn lára. Ó fi bí wọ́n ṣe ń po aró hàn mí: ìyẹ̀fun aró, sódà, àti ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń pè ní haidirósì, nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọmọ bú sẹ́kún, ó wọlé lọ fún un lọ́mú. Ó ti ní kí n ṣí haidirósì tuntun, ṣùgbọ́n mo rí ti àná tó ṣẹ́ kù nínú ọ̀rá, tó ti dì pọ̀, mo ní kí n má fi ṣòfò. Òun ni mo dà sí i.

Mo ri aṣọ bọ̀ ọ́. Bí mo ṣe yọ ọ́, búlúù ló jáde, inú mi dùn gan-an. Mo tiẹ̀ ti gbé méjì sínú omi gbígbóná kí àbẹ́là lè yọ́ kúrò kí ìyàwó mi tó jáde. Ó wo ìkòkò, ó wo aṣọ, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Bàbá Mofẹ́, aṣọ tó bá mu aró kì í jáde ní búlúù. Bí ewé ló máa ń rí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù lójú ẹni." Omi tó wà nínú ìkòkò náà gan-an, ó yẹ kó ti kúrò ní búlúù, kó máa fà sí àwọ̀ ewé tó ń pọ́n. Haidirósì tó ti gba afẹ́fẹ́ sára ò lágbára láti ṣe é. Ó fi omi ṣan aṣọ kan níwájú mi, gbogbo búlúù yẹn sì bá omi lọ.

Méjì tí àbẹ́là ṣì wà lára wọn, ó tún aró mìíràn pò, ó rì wọ́n, wọ́n dára. Méjì tí mo ti sè, iṣẹ́ ara wọn ti pòórá. Ó fi owó ara rẹ̀ ra aṣọ funfun mìíràn, ó sì fi àbẹ́là tẹ iṣẹ́ sí i títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Nígbà tí oníbàárà dé, mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tó sọ pé, "Ẹ má bínú, a ba méjì jẹ́, ìdí tó fi pẹ́ díẹ̀ nìyẹn." "A" ló wí. Kò sọ pé ọkọ òun ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, iṣẹ́ yẹn kan náà ló tún gbé lé mi lọ́wọ́.

Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní ibòmíràn báyìí, àmọ́ ní gbogbo Sátidé, èmi ni mò ń po aró. Ó yá, ẹ sọ ti yín.

Ìyá Àgbà, Ìtòkú

Ọmọ mi, Olúwa á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún ara yín. Mo ti bá aró dọ́rẹ̀ẹ́ láti ìgbà tí mi ò tíì lọ́kọ. Òótọ́ ni ìyàwó rẹ sọ fún ọ. Láyé ìyá ìyá mi, kò sí haidirósì. Èlú ni wọ́n ń gún, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a, wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan títí á fi jinná. Wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á fi kan ahọ́n kí wọ́n tó mọ̀ pé ó tó. Iṣẹ́ obìnrin ni, Ìyá Màpó ni wọ́n ń ké pè sí i, ọkùnrin kì í sún mọ́ ìkòkò. Nígbà tí mo kà á pé ìwọ lò ń po aró ní Sátidé, mo kọ́kọ́ mi orí.

Ọkọ tèmi, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, kò kọ nǹkan kan sábẹ́ àwòrán rí. Nígbà tí tiwa pé mẹ́wàá, a ò tiẹ̀ rántí. Ṣùgbọ́n ìgbàkigbà tí mo bá fẹ́ se àbẹ́là kúrò lára aṣọ, màá jí lóru, màá máa gbọ́ àáké lẹ́yìnkùlé. Òun ló ń la igi. Kò sọ ọ́ rí, èmi náà ò sì bi í. Láàárọ̀, igi á ti wà lẹ́bàá ààrò.

"A ba méjì jẹ́" tí ìyàwó rẹ sọ yẹn, di í mú.

Délé Ọmọ Ìjẹ̀bú

Ẹ kú oríire o, Bàbá Mofẹ́. Láàárín àwọn Òyìnbó, ọdún kẹwàá ni ti páànù, nítorí náà ẹ wá nǹkan páànù rà fún madam. Lórí aró yẹn, ẹ̀ bá ti bu iyọ̀ sínú omi tí ẹ fi ṣan án, kò bá má ṣí. Bí ìyá mi ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ìyá Àgbà, Ìtòkú

Délé, irú àwọ̀ kan wà tó ń fẹ́ iyọ̀, kì í ṣe èyí. Àwọ̀ tí kò bá ti wọnú òwú, iyọ̀ odò ọ̀sà gbogbo ò lè dá a dúró. Báwo ni ìyá rẹ?

Ọkọ Ṣadé, Peckham

Mo kà á títí dé òpin, mo gbé fóònù kalẹ̀, mo tún gbé e. Tiwa náà pé mẹ́wàá ní oṣù Kẹsàn-án. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wà ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo bá dé Ìlú Ọba ní oṣù Kẹrin 2024. Láti 11 oṣù Kẹta ọdún náà ni òfin ti dé pé ẹni tó bá fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbàwé wọlé ò lè mú ìyàwó àti ọmọ dání mọ́. Ìyàtọ̀ oṣù kan péré. Ó ti di oṣù ogún báyìí.

Alaalẹ́ la máa ń pe ara wa lórí Wasáàpù. Ó máa ń gbé fóònù ti agolo mílíìkì lórí tábìlì ìdáná, kó lè máa ro àmàlà lọ bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo mọ ògiri ìdáná yẹn ju ògiri yàrá tí mò ń sùn lọ. Ní ọjọ́ tí tiwa pé, mo kọ ọ̀rọ̀, mo pa á rẹ́, ó tó ìgbà mẹ́rin. Tí mo bá kọ "ọdún mẹ́wàá papọ̀", ṣé mi ò purọ́? Mi ò gbé nǹkan kan jáde. Ó bi mí ní ọjọ́ kejì bóyá mo gbàgbé. Mo sọ fún un pé mi ò gbàgbé, ó sì dákẹ́.

Mọ́mì Ire

Ẹ jọ̀ọ́, èló lẹ ń ta yáàdì márùn-ún? Àádọ́ta èèyàn ni, aṣọ ẹbí ọjọ́ ìbí ìyá ọkọ mi, oṣù Kejì la fẹ́ lò ó.

Alhaja Sìmíátù, Ìwó

Mo bá yín yọ̀, àmọ́ n ó sọ ohun tó wà nínú mi. Ṣé ìyàwó yín mọ̀ pé ẹ ń ròyìn oṣù márùn-ún yẹn níbí? Nígbà tí tiwa pé mẹ́wàá, ọkọ mi kọ ọ̀rọ̀ tó dùn gan-an, ó kọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́. Ó wá fi kún un pé oyún méjì bà jẹ́ lára mi, mo sì fara dà á. Ìyá rẹ̀ ò mọ̀ sí èkejì rí. Ibẹ̀ ló ti kà á. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ń béèrè ohun tí mo jẹ àti ẹni tí mo bá jà. Ọkọ mi ò ní èrò ibi, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ara mi ni, ẹnu mi ni ó yẹ kó ti jáde.

Bàbá Mofẹ́, Abẹ́òkúta

Alhaja, ẹ ṣeun, ẹ kú ìrọ́jú. Mo kà á fún un lálẹ́ àná kí n tó gbé e jáde. Mo ti kọ́kọ́ kọ ọ́ pé "ìwọ lo bọ́ mi fún oṣù márùn-ún." Ó ní kí n yọ ọ́, torí màmá mi máa kà á. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ "ìwọ lo kọ́ mi" síbẹ̀. Ti ibí, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ wá, ó ní kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Mọ́mì Ire, màá ní kí ó pè yín.

Arákùnrin Peckham, mi ò mọ ohun tí ẹ bá kọ. Mo bi Àbẹ̀kẹ́, ó ní ṣe lòun ì bá fẹ́ rí ògiri ìdáná yẹn pẹ̀lú agolo mílíìkì.

Alhaja Sìmíátù, Ìwó

Ó dáa tó bá fọwọ́ sí i. Síbẹ̀, ayé ò fẹ̀ tó bí ẹ ṣe rò.

Ọkọ Ṣadé, Peckham

Ẹ bá mi kí Ìyá Mofẹ́. Bàbá Mofẹ́, ẹ ò fi àwòrán hàn wá. Aṣọ ìgbéyàwó lẹ wọ̀ níbẹ̀ ni?

Bàbá Mofẹ́, Abẹ́òkúta

Rárá o. Ọwọ́ wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la yà, lórí okùn tí a ń sá aṣọ sí, ní nǹkan bí aago méje àárọ̀ yìí nínú ọyẹ́. Àbẹ̀kẹ́ ò fọ aró kúrò lọ́wọ́, kò sì fi ìborùn bò ó. Aṣọ tó wà lẹ́yìn ọwọ́ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró ni, apá òkè rẹ̀ ti di búlúù, ìsàlẹ̀ ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé.