Muṣkẹ́nù kì í ṣe "àbọ̀-ọmọ"

Tíṣà Ìlá:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń túmọ̀ òfin Hamurábì, ọba Bábílónì ayé àtijọ́, èyí tí wọ́n kọ sára òkúta, fún kíláàsì mi. Ipò mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀, awílù, muṣkẹ́nù àti wárádù. Mo pe ti àkọ́kọ́ ní ọmọlúwàbí, ti ìkẹta ní ẹrú, mo wá pe ti àárín ní àbọ̀-ọmọ. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:
Kò dáa rárá, Tíṣà, ẹ má bínú. "Àbọ̀" yẹn ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Nǹkan tí kò pé là ń pè ní àbọ̀, muṣkẹ́nù sì pé, ó lè ní màlúù, ó lè ní ọkọ̀ ojú omi, ó tún lè ní ẹrú tiẹ̀. Ẹ wo òfin 8. Ẹni tó bá jí màlúù òrìṣà tàbí ti ààfin, ìlọ́po 30 ló máa san, tó bá jẹ́ ti muṣkẹ́nù, ìlọ́po 10, tí olè ò bá sì rí i san, wọ́n á pa á. Ṣé torí màlúù àbọ̀ èèyàn ni wọ́n á ṣe pa olè? Mẹ̀kúnnù ni kẹ́ ẹ kọ, kó tán síbẹ̀. Bàbá mi àgbà kì bá jẹ́ kí irú "àbọ̀-ọmọ" yẹn jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú ilé ẹ̀.

Bọ̀dé Lọ́ńdọ̀nù:
Kí lẹ tún ń fa ọ̀rọ̀ gùn fún? Ojú fún ojú, eyín fún eyín ni òfin yẹn, ọ̀kan náà ló jẹ́ fún gbogbo èèyàn. Ipò ò fi bẹ́ẹ̀ ní nǹkan ṣe níbẹ̀.

Àáfà Ìlọrin:
Bọ̀dé, ojú fún ojú wà níbẹ̀ lóòótọ́, òfin 196, àmọ́ láàárín awílù sí awílù nìkan ni. Tí awílù bá fọ́ ojú muṣkẹ́nù, mínà fàdákà 1 ló máa san, tó bá jẹ́ ojú ẹrú awílù ẹlòmíì ló fọ́, ìdajì iye tí wọ́n ń ta ẹrú náà. Ká wá wo ohun tí mínà 1 jẹ́. Ṣékélì 60 ni, hóró fàdákà 180 ló sì wà nínú ṣékélì 1. Òfin 273 ní kí wọ́n máa san hóró 6 lójúmọ́ fún alágbàṣe ní oṣù márùn-ún àkọ́kọ́ nínú ọdún, kó wá di 5 lẹ́yìn ìyẹn. Ìyẹn ni pé kódà ní hóró 6, ọgbọ̀n ọjọ́ ló máa fi ṣiṣẹ́ kó tó rí ṣékélì 1, ọjọ́ 1,800 kó tó rí mínà kan, bí ọdún márùn-ún nìyẹn, láìtíì jẹun. Ojú muṣkẹ́nù wọ́n, àmọ́ ó ṣeé rà. Ti awílù ò ṣeé rà.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, mẹ̀kúnnù sún mọ́ ọn, kò tíì dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ipò ni muṣkẹ́nù ní Bábílónì. Ó gba inú èdè Lárúbáwá dé ọ̀dọ̀ wa, òun ni mìsìkíìnì tá à ń pè, ìgbà yẹn ló wá di tálákà pátá. Àwọn onímọ̀ gan-an ṣì ń jà lé e, àwọn kan ní àwọn tó ń jẹ lábẹ́ ààfin ni, àwọn kan ní gbogbo ará ìlú tí kì í ṣe ẹrú tí ò sì dé ipò awílù. Ìgbátí náà nípò nínú òfin yẹn: ẹni tó bá gbá awílù tó jù ú lọ létí, pàṣán 60 lójú àwùjọ, tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ ẹ̀, mínà 1, muṣkẹ́nù sí muṣkẹ́nù, ṣékélì 10, ẹrú tó bá gbá awílù, wọ́n á gé etí ẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:
Àáfà, ìgbátí kọ́ o! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni òfin náà dárúkọ, ìgbájú nìyẹn. Etí ẹrú tí wọ́n ń gé ló jẹ́ kẹ́ ẹ kọ etí sí ti olówó.

Ìyá Ìbejì:
Ṣé wọ́n sọ nǹkan nípa bíríkìlà? Ògiri tí ẹnì kan mọ fún mi wó lu ewúrẹ́ mi méjì, ó ní òjò ni.

Àáfà Ìlọrin:
Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá Ìbejì. Òfin 229 ní tí ilé bá wó pa onílé, kí wọ́n pa ẹni tó kọ́ ọ. 230 ní tó bá jẹ́ ọmọ onílé ló kú, ọmọ bíríkìlà ni kí wọ́n pa. Ọmọ tí ò gbé bíríkì kan rí.

Tíṣà Ìlá:
Mo ti yọ àbọ̀ kúrò. Àmọ́ Àáfà, mo wá òfin lórí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ pààyàn, mi ò rí i. Kí ni mo fẹ́ sọ fáwọn ọmọ?

Àáfà Ìlọrin:
Ẹ ò ní rí i. Òfin 1 wà fún ẹni tó bá fẹ̀sùn ìpànìyàn kan ẹnìkejì tí ò lè fi hàn, 153 wà fún obìnrin tó torí ọkùnrin míì mú kí wọ́n pa ọkọ ẹ̀, 207 wà fún ẹni tí wọ́n lù nínú ìjà tó wá kú. Ẹni tó kàn dìde pa aládùúgbò ẹ̀, kò síbẹ̀. Òfin Úrù-Nammù, ọba kan tó ti jẹ ṣáájú Hamurábì, bẹ̀rẹ̀ látorí apànìyàn: kí wọ́n pa á. Ẹ tún wò ó, ìwé ẹjọ́ tí wọ́n kọ sára amọ̀ láyé ìgbà yẹn pọ̀ lọ jàra, agbára káká lẹ fi máa rí ibi tí adájọ́ ti tọ́ka sí òfin orí òkúta yẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:
Ohun tí gbogbo ìlú mọ̀, ta ló ń kọ ọ́ sórí òkúta? Àwọn àgbà wa ò kọ èèwọ̀ sílẹ̀.

Bọ̀dé Lọ́ńdọ̀nù:
Kí ló dé tí wọ́n fi kọ olè, nígbà náà? Ṣé ìlú ò mọ̀ pé olè burú ni?

Tíṣà Ìlá:
Ìbéèrè yẹn gan-an làwọn ọmọ máa bi mí. Muṣkẹ́nù ni mo máa kọ bó ṣe wà, màá wá ṣàlàyé.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:
Tíṣà, èdè wa ò tálákà dé ibẹ̀ yẹn. Àáfà ò sì tíì dá mi lóhùn lórí ìgbájú.