Aláàárù tí aago ń jí: kí la ó pè é?

Àbúrò, Òṣogbo

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Mò ń kọ ìwé ìlànà fún àwọn tó ń bá wa tọ́jú atọ́ka àká ọ̀rọ̀ wa. Lóru, iṣẹ́ kékeré kan máa ń jí lórí Lambda, ibi tí Amazon ti ń fi kọ̀ǹpútà tirẹ̀ báni ṣiṣẹ́, á sì tún atọ́ka náà kọ pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ tuntun. Kí ni kí n pe irú iṣẹ́ yìí tí wọ́n ní kò ní sáfà? Kí ni kí n pe títún-kọ yẹn? Ó sì máa ń kú láàárín. Ọ̀rọ̀ wo ni mo máa lò tí ẹni tó ń kà á yóò fi mọ ohun tó pa á?

Bàbá Olùkọ́, Ọ̀yọ́

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Èyí kò le. "Aláìnísáfà" ni. Bí a ti ń sọ pé aláìníyàá, aláìníṣẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń rántí nǹkan, "ìrántí" ni a ti ń pè é láti ọjọ́ pípẹ́, kò sí ìdí láti pa á tì. Bí iṣẹ́ náà bá kú nítorí pé ìrántí rẹ̀ tán, kọ ọ́ pé "ó gbàgbé".

Dókítà, Ìlọrin

Ti títún-kọ ni mo fẹ́ sọ. "Refresh" tí àwọn Òyìnbó ń lò fún un, òun náà ni wọ́n ń lò fún omi tútù lọ́sàn-án gangan. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "ìtura".

Bàbá Olùkọ́, Ọ̀yọ́

Ìtura kẹ̀? Ṣé atọ́ka ń làágùn ni? Dókítà, ẹ fi ìtura sílẹ̀ fún àwọn aláìsàn yín. "Ìsọdọ̀tun" ni.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Bàbá, mo kúnlẹ̀ o. Ìsọdọ̀tun dáa, ó dáa ju "ìmúdójúìwọ̀n" tí àwọn kan ń lò lọ, torí pé a kò fi nǹkan kan kún ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀dà tó ti gbó ni à ń jù nù, tí à ń kọ òmíràn láti ìpìlẹ̀.

Aláìnísáfà ni mi ò fẹ́. Aláìníṣẹ́ kò ní iṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n sáfà wà níbí, àwa kọ́ la ni ín ni, a ò sì mọ èyí tó jẹ́. Mo ti bá àwọn ọmọ tuntun ṣiṣẹ́ tí wọ́n gbọ́ orúkọ yẹn, tí wọ́n rò pé ohun tí kò ní sáfà kò lè ní òpin.

Bí mo bá ra àpò iṣu ní Bódìjà, mi ò ní gba ọmọ ọ̀dọ̀ tí yóò máa dúró tì mí látàárọ̀ dalẹ́. Aláàárù ni mo máa pè. Á gbé e dé ìdí ọkọ̀, mo sanwó ẹrù yẹn, ó bá tirẹ̀ lọ. Ohun tí Lambda ń ṣe nìyẹn gan-an. A pè é, ó dé, ó ṣe é, a sanwó àkókò tó lò ní ìlọ́po àyè tí a gbà fún un, ìyẹn ohun tí Bàbá pè ní ìrántí, ó tán. Aláàárù náà sì ní agbára tirẹ̀: ẹrù kan wà tí kò lè gbé, ọ̀nà kan sì wà tó jìn jù fún un. Ti Lambda, kò ní lò ju ìṣẹ́jú 15 lọ, ohun yòówù kó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti àyè, láti 128 MB dé 10,240 MB lo ti lè mú. Bí o kò bá sì yàn fún un rárá, 128 MB àti ìṣẹ́jú àáyá 3 péré ni yóò fún ọ, ìyẹn ló ń pa iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Ó gbàgbé" yóò ṣi ènìyàn lọ́nà, Bàbá. Aláàárù tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn kò gbàgbé nǹkan kan, ó ṣubú ni. Ikú méjì ló wà, wọn ò sì jọra nínú àkọsílẹ̀. Àbúrò, lẹ ìlà tó gbẹ̀yìn síbí ká wò ó.

Ẹ̀gbọ́n, Lọ́ńdọ̀nù

Kẹ́ ẹ tó lọ jìnnà: ti aago ńkọ́? Èmi náà ní ọ̀kan tó ń kó àkókò ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì wa jọ. Mo kọ `cron(0 5 * * ? *)`, kó lè jí ní aago 5 ìdájí. Láti ìgbà tí a ti yí aago síwájú ní oṣù kẹta, aago 6 ló ń jí. Mo rò pé "afaagojí" lẹ máa pè é, ẹni tó ń fi aago jí.

Bàbá Olùkọ́, Ọ̀yọ́

Ọmọ ìyá mi, ohùn rẹ ló ṣì ọ́. "Afaagojí", bí a bá fi ohùn àárín bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹni tó fúnra rẹ̀ ń fi aago jí ni, bí apẹja tó ń pa ẹja. Ohun tí a ń ṣe nǹkan sí, ohùn ìsàlẹ̀ la fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: àdìrẹ kì í di ara rẹ̀, a dì í ni, a sì rẹ ẹ́. Iṣẹ́ tí a ń fi aago jí, "àfaagojí" ni. Bí ẹ bá sì fẹ́ dárúkọ ohun tó ń jí i gan-an, okùnfà wà nílẹ̀, "okùnfà aago". A kò ní láti lọ yá ọ̀rọ̀ kankan.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Àfaagojí! Mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, UTC, aago àjọlò gbogbo ayé, ni aago yẹn ń kà, kò mọ̀ pé ẹ ti yí tiyín. Lọ́dọ̀ tiwa aago 6 ni tọdún-tọdún, nítorí a kì í yí aago. Bí ẹ bá lo EventBridge Scheduler, ohun èlò Amazon tó ń fi aago jí iṣẹ́, ẹ lè kọ `Europe/London` sí i, á máa tẹ̀lé yín.

Àbúrò, Òṣogbo

Ẹ ṣé mà. Ìlà náà nìyí, mo ti gé nọ́ńbà gígùn rẹ̀ kúrò:

```
Task timed out after 900.00 seconds
Memory Size: 256 MB   Max Memory Used: 181 MB
```

Ohun kan tún ń yà mí lẹ́nu. Lálẹ́ kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rí i tó kú, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ni mo ní kó jí.

Ẹ̀gbọ́n, Lọ́ńdọ̀nù

Ó hàn gbangba. 181 nínú 256, àyè rẹ̀ kò kún. Àkókò ló pa á. Má fi kún àyè rẹ̀ o, owó lásán ni.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà á ní ìdajì. Lóòótọ́ àkókò ló pa á. Ká ní ẹrù ló wúwo jù ni, nọ́ńbà méjèèjì ì bá jẹ́ ọ̀kan náà, 256 àti 256, ẹ ó sì rí `signal: killed` níbẹ̀ dípò `timed out`. Àmì tí mo fi ń dá wọn mọ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ní Lambda, a kì í ra agbára ìṣirò lọ́tọ̀. Ó bá àyè rìn. Ìgbà tí o bá gba 1,769 MB ni wàá tó ní odidi ọpọlọ ẹ̀rọ kan. Ní 256 MB, bí ìdá kan nínú méje rẹ̀ lo rí gbà. Aláàárù tí o gbà, ọmọdé ni: ẹrù náà kò wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò yá. Àbúrò, kí ni iṣẹ́ náà ń fi àkókò ṣe? Ṣé ó ń dúró de ìdáhùn láti ibòmíràn ni, àbí ó ń ṣírò?

Àbúrò, Òṣogbo

Ìṣirò ni púpọ̀ nínú rẹ̀ mà. Ó ń tò ó lẹ́sẹẹsẹ, ó ń yọ àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà kúrò kí ẹni tó bá wá "oko" lè rí ọkọ, ọkọ́, ọ̀kọ̀ àti oko pọ̀.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ó dáa. Gbé e sí 1,024 MB, kí o wò ó. Ìlọ́po mẹ́rin àyè ni. Bí àkókò bá wá di ìdá kan nínú mẹ́rin, owó kan náà lo máa san. Ká ní ó ń dúró de ẹlòmíràn ni, àyè tó o fi kún un kò ní mú kó yára, nígbà náà owó lásán ni, bí Ẹ̀gbọ́n ti wí.

Ti ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn: bí okùnfà aago bá pè é tó sì kú, Lambda á tún un gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì sí i láìbi ọ́. Nítorí náà, má jẹ́ kó máa kọ lé atọ́ka tí àwọn ènìyàn ń lò. Kó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bó bá parí pátápátá ni kó tó pààrọ̀ rẹ̀. Ní ibi iṣẹ́ mi àtijọ́, a kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn oníbàárà jí, wọ́n rí àkójọ ọjà tó dúró sórí lẹ́tà M.

Àbúrò, Òṣogbo

Ó ṣiṣẹ́ o! Ìṣẹ́jú 6 ó lé díẹ̀. Kò tilẹ̀ dé ìdajì gbèdéke. Mo ti pinnu, "gbèdéke" ni mo máa kọ fún ìṣẹ́jú 15 yẹn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ń pọ̀ sí i lóṣooṣù. Lọ́jọ́ tó bá tún kọjá gbèdéke ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Nígbà náà, aláàárù kan kò ní lè gbé e délé, wọn á máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Iṣẹ́ náà lè bi Lambda pé ìṣẹ́jú mélòó ló kù:

```python
for oro in ka_lati(ami):
    tun_ko(oro)
    if context.get_remaining_time_in_millis() < 60000:
        fi_ami_pamo(oro["id"])
        pe_ekeji()
        break
```

Bó bá ku ìṣẹ́jú 1, ó kọ ibi tó dé sílẹ̀ síta, nínú ibi ìpamọ́ tí kì í bá a kú. Ó pe èkejì, ó sì lọ. Èkejì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Kíyè sí `ka_lati` náà: díẹ̀díẹ̀ ni kó máa ka ọ̀rọ̀ wọlé. Bó bá kó gbogbo rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ikú àkókò lo sá fún, ikú ẹrù lo máa bá pàdé.

Mi ò mọ ohun tí mo lè pe ibi tó dé yẹn. Mo pè é ní `ami`, kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Bàbá Olùkọ́, Ọ̀yọ́

Kí ni ẹni tó ru ẹrù máa ń wí bí ó bá rẹ̀ ẹ́? "Ẹ bá mi sọ̀ ọ́." Ibi tó sọ̀ ọ́ sí, ìsọ̀ ni.

Dókítà, Ìlọrin

Ìsọ̀ kẹ̀? Níbi tí aláta ń jókòó sí lọ́jà? Gbogbo ẹni tó bá kà á ni yóò wá ata.

Bàbá Olùkọ́, Ọ̀yọ́

Kí wọ́n wá a. Ẹ ti gba ìrántí lọ́wọ́ mi, ẹ fẹ́ gba ìsọ̀ pẹ̀lú. Mo gbà pé "àyè" bá aláàárù mu, ṣùgbọ́n ìrántí ló wà nínú ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé. Bí Àbúrò bá kọ "àyè" láìdárúkọ ìrántí níbì kankan, ọmọ tó bá kà méjèèjì yóò rò pé nǹkan méjì ni.

Ẹ̀gbọ́n, Lọ́ńdọ̀nù

Èmi lọ́dọ̀ tèmi, "aláàárù" ni mi ò fẹ́. Ìyá mi á bi mí pé ṣé iṣẹ́ tí mo wá ṣe ní ìlú Òyìnbó nìyẹn.

Àbúrò, Òṣogbo

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣé gan-an. Mo ti kọ àfaagojí, gbèdéke àti ìsọdọ̀tun sínú ìwé náà. Mo kọ "àyè, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìrántí" lẹ́ẹ̀kan ní ojú ewé kìíní. Ti ìsọ̀, mo ṣì fi `ami` sílẹ̀ nínú kóòdù títí ẹ ó fi parí ìjà yín. Mo ti yí aago rẹ̀ sí `cron(0 1 * * ? *)`, aago 2 òru nìyẹn lọ́dọ̀ wa, nígbà tí ẹnikẹ́ni kì í wá ọ̀rọ̀. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ohùn ìsàlẹ̀ tún wà lórí "a" kejì nínú àfaagojí, àbí àkọ́kọ́ nìkan?