Àrólé, adelé tàbí arọ́pò: èwo ni kálífà?

Atúmọ̀ èdè: Mò ń túmọ̀ ìtàn bí àwọn sàábé ṣe yan Abúbákàr ṣe olórí lẹ́yìn ikú Ànábì lọ́dún 632. Ṣé "àrólé" tọ́ fún kálífà?

Olùkọ́ Lárúbáwá: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lò ó. Ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ èèyàn di àrólé, bẹ́ẹ̀ ohun tí àwọn Sùnní àti Ṣíà ń jà lé lórí gan-an ni bóyá ẹbí Ànábì ló yẹ kí ipò náà wà. Ìbúra ni Abúbákàr fi dé ibẹ̀. Àwọn Áńsárì, àwọn onílùú Mèdínà, ti péjọ sí Sàkífà, gbọ̀ngàn ìpàdé àwọn Bánù Sáídà, wọ́n fẹ́ fi Sáàdù ọmọ Ubádà ṣe olórí. Abúbákàr, Úmárù àti Abú Ubáídà yára lọ bá wọn. Abúbákàr ní àwọn Lárúbáwá kò ní gbà fún ẹlòmíràn àfi Kùráíṣì, ẹ̀yà Ànábì. Nígbà tí ariwo pọ̀, Úmárù di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó búra fún un, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Àlí, ọkọ ọmọ Ànábì, kò sí níbẹ̀. Òkú Ànábì ni òun àti àwọn ará ilé ń tọ́jú. "Adelé" náà kò bá a mu, torí adelé ń retí onílé. Arọ́pò ni tèmi.

Ọmọ ẹgbẹ́ kan: Ní ìlú tiwa, bí Lèmọ́mù bá kú, Náíbì ló máa ń bọ́ sípò rẹ̀. Ẹ kúkú kọ Náíbì.

Olùkọ́ Lárúbáwá: Ẹ súnmọ́ ọn, sà. Àwọn Sùnní máa ń tọ́ka sí i pé Abúbákàr ni Ànábì ní kó kírun fún àwọn èèyàn nígbà àìsàn rẹ̀. Àmọ́ àwọn Ṣíà kò gbà pé ìyẹn fún un ní ipò olórí, nítorí náà Náíbì ti gbè sẹ́yìn ẹnì kan.

Ẹlòmíràn: Ọ̀rọ̀ tí Ànábì sọ nípa Àlí ní Gadíírù Kúmù ńkọ́? Ṣebí àwọn Sùnní kò gba hádíìsì yẹn.

Olùkọ́ Lárúbáwá: Wọ́n gbà á, ó wà nínú ìwé hádíìsì Tírímísí. Lọ́jọ́ 18 oṣù Súlíìjà, ọdún 10 Híjírà, Ànábì ní ẹni tí òun bá jẹ́ máólà fún, Àlí náà jẹ́ máólà fún un. Orí ìtumọ̀ máólà ni ìjà wà. Àwọn Sùnní ní ọ̀rẹ́ àyànfẹ́ ni, torí àwọn kan tó bá Àlí lọ sí Yẹ́mẹ̀nì ti ń ráhùn nípa rẹ̀. Àwọn Ṣíà ní olórí ni, torí Ànábì kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá òun kò ní ẹ̀tọ́ lórí àwọn onígbàgbọ́ ju bí wọ́n ṣe ní in lórí ara wọn lọ.

Atúmọ̀ èdè: Bí mo bá wá kọ "ẹni tó súnmọ́ yín jù lọ"?

Olùkọ́ Lárúbáwá: Mọ̀lẹ́bí ni Yorùbá máa gbọ́ nínú rẹ̀. Ẹ fi máólà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹlòmíràn: Ẹni tí kò gbọ́ Lárúbáwá kò wá ní mọ ohun tí wọ́n ń jà lé. Ẹ kọ méjèèjì, ọ̀rẹ́ àti olórí, kí ẹ sọ ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Olùkọ́ Lárúbáwá: Bó bá jẹ́ ìwé ìtàn, mo lè gbà. Nínú hádíìsì fúnra rẹ̀, n kò gbà.